Ọ̀sẹ̀ Méjìlá Màsúdát

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1998, Màsúdát Láwàl fi pẹ́ńsù kọ páswọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà àgbà sí igun kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri yàrá kọ̀ǹpútà báǹkì tó ti ń ṣiṣẹ́. Àṣìṣe kékeré ni, ṣùgbọ́n àṣìṣe ni. Ó mọ̀ pé kò yẹ kí òun kọ ọ̀rọ̀ àṣírí tó ń ṣí kọ̀ǹpútà síbi tí ojú tó o, nítorí náà ló ṣe fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ ọ́. Púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì náà wá láti Ìjẹ̀bú àti Èkìtì. Ó rò pé àdúrà ni wọn yóò pè é. Ohun tó gbàgbé ni pé Ìlọrin ni báǹkì náà wà.

Bàbá Ìbráhímù tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wọlé wá sọ pé epo dísẹ́ẹ̀lì fẹ́ tán nínú jẹnẹrétọ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́, ojú rẹ̀ lọ sára kàlẹ́ńdà. Ó sún mọ́ ọn, ó sì kà á sókè ketekete, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó lo ọdún mẹ́sàn-án ní ilé-kéwú.

“Sàfúrátù. Ta ní ń jẹ́ Sàfúrátù níbí?”

Orúkọ ìyá-ìyá Màsúdát ni. Ọ̀gbẹ́ni Olúdáre, mánéjà báǹkì, sì dúró lẹ́yìn wọn pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́.

Mánéjà kò jágbe. Ó ní kí Màsúdát yí páswọ́ọ̀dù náà padà lójú ẹsẹ̀, kó sì bá òun ní ọ́fíìsì. Lẹ́tà kan ti wà lórí tábìlì rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kan sẹ́yìn, láti olú-ilé-iṣẹ́ ní Èkó. Lẹ́tà náà sọ pé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan tó bá ní yàrá kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ní ẹnì kan tó ní ìwé-ẹ̀rí ìpele àkọ́kọ́ nípa ààbò kọ̀ǹpútà kí oṣù Kẹta ọdún 1999 tó parí. Ẹ̀ka tí kò bá ní, wọn yóò gbé ẹni tó ní i wá síbẹ̀ láti ibòmíràn, wọn yóò sì gbé ẹni tó wà níbẹ̀ lọ síbi tí àyè bá ṣí.

“Níbo ni àyè ṣí sí?” ni Màsúdát béèrè.

“Gúsáù,” ni Ọ̀gbẹ́ni Olúdáre dáhùn. “Ní báyìí, Gúsáù nìkan ni.”

Àwọn kan ní Táíwò Road, níbi tí báǹkì náà wà, ṣì máa ń sọ pé ìfẹ́ ipò ló mú Màsúdát kàwé nígbà náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, opó tí kò bímọ, òun nìkan sì ni ó kù fún ìyá rẹ̀, Àlhájà Hàlímọ̀tù, tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ní apá òsì láti ọdún méjì. Àwọn méjèèjì ń gbé ní àdúgbò Adéwọlé. Binta, aládùúgbò wọn, ló ń wo ìyá náà lọ́sàn-án, Màsúdát ló ń wẹ̀ ẹ́, tó ń bọ́ ọ, tó sì ń yí i padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó bá ní kó lọ Gúsáù lókè ọya lọ́hùn-ún ti ní kó fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí ó tìtorí rẹ̀ kàwé nìyẹn, kò sí òmíràn.

Ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ fún ìwé-ẹ̀rí náà dé láti òkè òkun ní àárín oṣù Kọkànlá, nínú àpòòwé aláwọ̀ ilẹ̀ tó nípọn. Ọjọ́ ìdánwò ni Sátidé, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kejì, ní Ìbàdàn. Màsúdát ka ọ̀sẹ̀ lórí kàlẹ́ńdà: láti Mọ́ńdè ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kọkànlá, ọ̀sẹ̀ méjìlá géérégé ni. Ìwé náà jẹ́ ojú-ìwé irínwó ó lé ọgọ́rin. Ó pín in sí ọ̀nà méjìlá, ogójì ojú-ìwé kan ọ̀sẹ̀ kan. Ó fi rúlà fa ìlà, ó kọ ọ́ dáadáa, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀.

Ètò náà dára lójú. Gbogbo ẹni tó bá ti kọ́ni rí mọ irú ètò bẹ́ẹ̀: kò sí ohun tó ṣe é àfi pé kò lè ṣiṣẹ́. Ó tò ó bí ẹni pé ọ̀sẹ̀ kan kò yàtọ̀ sí èkejì. Kò sí àyè fún àtúnyẹ̀wò, kò sí àyè fún àìsàn, kò sì rántí pé ààwẹ̀ Ràmàdáànì yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún gan-an, nígbà tí báǹkì bá ń ti ìwé ọdún. Ọmọ Ìlọrin tó gbàgbé ààwẹ̀! Kàlẹ́ńdà òyìnbó ló ń wò, kò wo òṣùpá.

Ó ń dé ibi iṣẹ́ ní aago méje àárọ̀. Bàbá Ìbráhímù a ṣí ilẹ̀kùn kékeré fún un, a sì jẹ́ kó kàwé títí di aago mẹ́jọ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló ń kúrò níbẹ̀. Ó sì ń kà fún wákàtí mẹ́ta ní Sátidé.

Bó ṣe ń kà á ni ìṣòro. Ní ilé-kéwú tó lọ ní kékeré, ẹni tí kò bá há ohun tó wà lórí wàláà, pátákó ìkéwú rẹ̀, sórí kò gbọdọ̀ fọ̀ ọ́, ẹni tí kò bá fọ̀ ọ́ kò sì gbọdọ̀ kọ òmíràn sí i. Ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ tó dára ni. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbà tó wà ní Ìlọrin lónìí, òun ló kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìwé ààbò kọ̀ǹpútà kì í ṣe ohun à-há-sórí látòkèdélẹ̀. Màsúdát há apá kìíní, tó dá lórí ìpìlẹ̀: pé ohun mẹ́ta ni ààbò ń ṣọ́, kí àṣírí má tú, kí ẹnikẹ́ni má ba àkọsílẹ̀ jẹ́, kí ohun tí a nílò sì wà ní àrọ́wọ́tó nígbà tí a bá nílò rẹ̀. Èyí dára. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sí apá kejì, tó dá lórí kíkọ ọ̀rọ̀ ní àdìtú kí ẹlòmíràn má baà rí i kà. Àádọ́jọ ojú-ìwé ni apá yẹn nìkan. Níbẹ̀ ló ti rì.

“Kí lò ń kà sẹ́nu bí ẹni ń jẹ obì?” ni Bàbá Ìbráhímù bi í ní àárọ̀ ọjọ́ kan.

“Bàbá, kọ́kọ́rọ́ méjì ni. Ẹ fún gbogbo ayé ní ọ̀kan, ẹ fi èkejì pamọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé àṣírí sí yín, èyí tí gbogbo ayé ní ni yóò fi tì í, èyí tó wà lọ́wọ́ yín nìkan ló sì lè ṣí i.”

Bàbá náà wo kọ́kọ́rọ́ géètì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Èyí tí mo fi tì í kò lè ṣí i?”

“Kò lè ṣí i.”

“Kọ́kọ́rọ́ yẹn kò dáa fún géètì mi. Máa kàwé ẹ lọ.”

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹrin parí, ní Sátidé tí ààwẹ̀ ku ọ̀la, ojú-ìwé àádóje ni ó wà dípò ọgọ́jọ. Ó sinmi lé e pé ohun tí òun ti kà kò lè sọnù. Ìdánwò ìdánrawò kan wà ní ẹ̀yìn ìwé náà, ọgọ́rùn-ún ìbéèrè fún wákàtí méjì, àádọ́rin sì ni máàkì àṣeyọrí. Ó jókòó ṣe é. Ó gba méjìdínlógójì.

Ní Mọ́ńdè, Martha Adékọ̀yà rí i lórí àga níbi tí wọ́n ń to fáìlì sí, ìwé wà lórí itan rẹ̀, kò sì ṣí i. Ní ẹ̀ka ìṣirò ni Martha wà. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó fi ọdún mẹ́ta ju Màsúdát lọ, ó sì ti fi ọdún márùn-ún ṣe ìdánwò àwọn akáńtáǹtì lẹ́nu iṣẹ́ yìí kan náà kó tó yege.

“Kí ló dé tí o dijú bí ẹni tí wọ́n jí adìyẹ ẹ̀ gbé?”

“Àǹtí Martha, méjìdínlógójì ni mo gbà.”

“Nínú mélòó?”

“Ọgọ́rùn-ún.”

“Ó mà ṣe o. Ká ní nínú ogójì ni, à bá ti máa jó.” Martha fa àga, ó jókòó. “Mú ètò ẹ wá kí n rí i.”

Màsúdát ti já a kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Inú báàgì rẹ̀ ló wà. Martha wò ó, ó yí i padà bí ẹni pé nǹkan kan tún wà lẹ́yìn rẹ̀.

“Ta ló kọ́ ẹ báyìí?”

“Bí a ṣe ń kàwé ní ilé-kéwú ni.”

“Bí o bá há gbogbo ẹ̀ tán, ṣé láwàní ni wọn ó wé fún ẹ ní Ìbàdàn?”

Màsúdát kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín.

“Níbo ni sílábọ́ọ̀sì wà?” ni Martha tún bi í.

Inú àpòòwé ló wà, ó ṣì wà ní kíká bó ṣe dé. Màsúdát ti rò pé ìwé ọpẹ́ ni. Martha tú u, ó sì ka ohun tó wà níbẹ̀ jáde: ìpìlẹ̀, máàkì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún; àdìtú, mẹ́wàá; ẹni tó lè wọlé àti ohun tó lè fọwọ́ kàn, ogún; fáírọ́ọ̀sì àti àwọn ewu mìíràn, ogún; nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ìyẹn bí kọ̀ǹpútà ṣe ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, ogún; ẹ̀dà àkọsílẹ̀ tí a ń fi pamọ́ àti ohun tí a ó ṣe bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lo fi ń bá máàkì mẹ́wàá jìjàkadì,” ni Martha wí. “Ìwé kò mọ̀ pé ìdánwò wà. Ẹni tó kọ ìwé, ohun tó wù ú ló kọ púpọ̀ nípa ẹ̀. Sílábọ́ọ̀sì ló mọ ìdánwò.”

Ó ní kí ó ka ìbéèrè kan tó kùnà jáde. Màsúdát kà á: ẹnì kan pè ọ́ lórí fóònù, ó ní òun ni mánéjà, òun ti gbàgbé páswọ́ọ̀dù òun, kí o yí i padà kíákíá. Kí ni ìwọ yóò kọ́kọ́ ṣe?

“Kí lo mú?”

“Pé kí n yí i padà, kí n sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀.”

“Kí ni ìdáhùn ẹ̀?”

“Kí n kọ́kọ́ wádìí pé òun ni lóòótọ́. Kí n pè é padà sórí nọ́ńbà tó wà nínú ìwé wa, kì í ṣe èyí tí òun bá fún mi.”

“Ṣé ó le?”

“Kò le. N kò kà á dé ibẹ̀ ni. Èyí tí mo sì ti kà gan-an, mo mọ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò bi mí ní ọ̀rọ̀ inú ẹ̀. Wọ́n ń bi mí pé kí ni mo máa ṣe.”

Ibẹ̀ ni nǹkan ti yí padà. Martha bi í ní wákàtí tó ní lóòótọ́ nínú ọ̀sẹ̀ kan, kì í ṣe iye tó wù ú. Mẹ́jọ ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló kù. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, ni Màsúdát wí. Martha ní kó yọ ti títì ìwé ọdún àti ti ààwẹ̀ kúrò, kó fi ogójì sọ́kàn, kó má sì jiyàn. Ẹ̀yìn ìwé tẹ́là ìsanwó kan ni wọ́n kọ ètò tuntun náà sí. Kò lẹ́wà rárá.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún di ti ẹ̀dà àkọsílẹ̀, nítorí iṣẹ́ tí Màsúdát ń ṣe nìyẹn ní ìparí ọdún: kó kà á lójú ìwé kó sì máa ṣe é lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹfà, tí ọdún ń parí, kò gbọdọ̀ ka ohun tuntun kankan. Ìbéèrè mẹ́wàá péré lójoojúmọ́. Ìkeje di ti ẹni tó lè wọlé, ìkẹjọ ti fáírọ́ọ̀sì, ìkẹsàn-án ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Martha fi ìkẹwàá sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan sí i. Ìkọkànlá jẹ́ ti ìdánwò ìdánrawò pẹ̀lú aago lórí tábìlì, ìkejìlá ti àtúnyẹ̀wò fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Nínú ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ mẹ́rin fún kíkà, ọjọ́ karùn-ún fún ìbéèrè. Ìbéèrè tó bá kùnà, kó kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan, kó sì kọ ìdí tó fi kùnà á, ní gbólóhùn tirẹ̀.

“Ọ̀sẹ̀ kẹwàá ńkọ́?”

“Ó ṣófo.”

“Kí ni mo máa ṣe níbẹ̀?”

“Wàá rí i.”

Àwọn mìíràn ní báǹkì sọ pé Martha ló ka ìwé náà fún un. Irọ́ ni. Martha kò mọ nǹkan kan nípa fáírọ́ọ̀sì. Ohun tó mọ̀ ni bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ṣe ń kàwé, ìyẹn sì jẹ́ ìmọ̀ lọ́tọ̀.

Ààwẹ̀ mú. Màsúdát ń jí ṣe sáárì, ó ń fún ìyá rẹ̀ lóògùn, ó ń kí ìrun Súbùhì, ó ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Táíwò. Wákàtí àárọ̀ yẹn ti di oorun lójú rẹ̀: yóò ka ìlà kan lẹ́ẹ̀mẹ́rin láìmọ ohun tó wí. Ó wá gbé ìwé kíkà lọ sí àkókò oúnjẹ ọ̀sán, nígbà tí kò sí oúnjẹ tí yóò jẹ. Bó bá kí ìrun Àìlá ọ̀sán tán, ogójì ìṣẹ́jú ló kù. Kò tó, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ títì ìwé ọdún, aago mẹ́jọ alẹ́ ni wọ́n ń kúrò ní báǹkì. Omi tútù àti èso dàbínù mẹ́ta ló fi ń ṣínu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Ìbéèrè mẹ́wàá náà di mẹ́fà, ó di mẹ́rin ní ọjọ́ kan. Ó kọ mẹ́rin náà sílẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ keje àti ìkẹjọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tó ń kà ní ibi iṣẹ́. Ìwé sọ pé kí òṣìṣẹ́ má ní àyè ju èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ nílò lọ. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì rí i pé àwọn mẹ́ta tó ti kúrò ní báǹkì láti ọdún tó kọjá ṣì lè wọ kọ̀ǹpútà. Ó pa orúkọ wọn rẹ́. Ìwé sọ pé fáírọ́ọ̀sì a máa gun dísíkẹ́ẹ̀tì láti ẹ̀rọ kan dé òmíràn. Ó ní kí mánéjà fúnra rẹ̀ má ki dísíkẹ́ẹ̀tì tí a kò yẹ̀ wò bọ ẹ̀rọ mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Olúdáre wò ó títí, ó sì mú dísíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà sínú àpò.

Wọ́n ṣe ọdún ìtúnu ààwẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án. Ní ọjọ́ kejì ọdún, Àlhájà Hàlímọ̀tù ṣubú lọ́nà ilé ìwẹ̀. Egungun kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ gbóná, wọ́n sì dá a dúró ní ọsibítù fún ọjọ́ mẹ́rin. Màsúdát gba àyè níbi iṣẹ́, ó jókòó tì í. Ó gbé ìwé dání, kò ṣí i.

“Ìwé wo nìyẹn?” ni ìyá rẹ̀ bi í láti orí bẹ́ẹ̀dì.

“Ti ìdánwò ni, Màmá.”

“Ó ti sú ẹ.”

“Ó ti sú mi.”

“Fi í sílẹ̀ o. Bí wọ́n bá ní kí o lọ Gúsáù, lọ. Ọlọ́run ń bẹ pẹ̀lú mi.”

Màsúdát fa aṣọ bò ó lẹ́sẹ̀. Ó tún ìrọ̀rí rẹ̀ tò.

Nígbà tó padà síbi iṣẹ́, ó sọ fún Martha pé ọ̀sẹ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti bọ́, pé ogún máàkì ti lọ, pé òun kò ní lè bá a mọ́. Martha kò tilẹ̀ gbé ojú sókè kúrò lórí ohun tó ń kọ.

“Ọ̀sẹ̀ kẹwàá ṣófo, àbí kò ṣófo? Kí lo rò pé mo fi í sílẹ̀ fún? Gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì síbẹ̀.”

Ó gbé e síbẹ̀. Kò kà á dé bó ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n ó kà á. Ní Túsìdeè ọ̀sẹ̀ kọkànlá, ó ṣe ìdánwò ìdánrawò kejì, ó gba mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ó lo ọjọ́ mẹ́ta lórí ìwé kékeré tó kọ àṣìṣe rẹ̀ sí. Ní Sátidé, ó ṣe ẹ̀kẹta, ó gba mọ́kànléláàádọ́rin. Máàkì kan péré ló fi ju àṣeyọrí lọ. Kò yọ̀, ó sùn lọ lórí tábìlì.

Ní Tọ́sìdeè tó ṣáájú ìdánwò, Martha bá a tó tún ṣí apá àdìtú.

“Kí lò ń wá níbẹ̀?”

“Kí n kàn tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀…”

“Gbé ìwé yẹn fún mi.”

“Àǹtí Martha, ẹ jọ̀ọ́.”

“Ààfáà obìnrin, gbé e wá. Lọ sùn.”

Martha ti ìwé náà mọ́ inú dúróà rẹ̀, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ sílé.

Ní Fúráìdeè, Màsúdát wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn. Ó sùn láti Ògbómọ̀ṣọ́ títí wọ́n fi dé. Ní ọjọ́ kejì, ó jókòó nínú gbọ̀ngàn kan pẹ̀lú àwọn ọkùnrin mẹ́tàdínlógún àti obìnrin kan mìíràn. Ó kọ́kọ́ ṣe àwọn ìbéèrè tó dá a lójú, ó sàmì sí àwọn tó ń ṣiyèméjì lé lórí, ó sì padà sí wọn lẹ́yìn náà. Ìbéèrè lórí àdìtú kò ju mẹ́wàá lọ. Nígbà tí wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè sọ bóyá ó yege tàbí kò yege. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe sọ ọ́ nígbà tó dé.

Ìdáhùn kò tètè dé. Olú-ilé-iṣẹ́ ti kọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì láti béèrè. Ọ̀gbẹ́ni Olúdáre ti tẹ lẹ́tà tìránsífà Gúsáù sílẹ̀, ó kù kó fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta, Bàbá Ìbráhímù gbé àpòòwé kan wọlé, ó dúró tì í títí Màsúdát fi ya á. Mẹ́tàléláàádọ́rin.

“Ṣé ó tó?” ni bàbá náà bi í.

“Ó tó.”

“Àlùbáríkà.” Ó padà sẹ́nu géètì rẹ̀.

Mánéjà ya lẹ́tà tìránsífà náà sí méjì. Nígbà tí Màsúdát délé, ó sọ fún ìyá rẹ̀. Ìyá náà béèrè pé ṣé kò ní lọ Gúsáù mọ́. Ó ní òun kò lọ. Ìyá rẹ̀ ní kó wá yí òun padà, pé ẹ̀gbẹ́ ń dun òun. Ó yí i padà.

Oṣù mẹ́fà àti ọjọ́ díẹ̀ ni Àlhájà Hàlímọ̀tù tún lò láyé lẹ́yìn náà. Ọmọ rẹ̀ ló wẹ̀ ẹ́ ní gbogbo àárọ̀ títí dé ọjọ́ ìkẹyìn, ní oṣù Kẹwàá. Nígbà tí wọ́n ṣe fídáù ogójì ọjọ́ tán, Màsúdát fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí olú-ilé-iṣẹ́ pé kí wọ́n gbé òun lọ síbikíbi tí àyè bá wà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1999, ó wà ní ẹ̀ka báǹkì náà ní Mínnà, ní yàrá kọ̀ǹpútà.